Àpò mẹ́ta ààbọ̀ àbí àpò mẹ́jọ? Bí mo ṣe kọ ímeèlì sí olùkọ́ wa

Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́wàá. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí mo ń gbé ní Aṣerò, níbí l'Abẹ́òkúta, mo ń ka ohun tí wọ́n kọ́ wa lórí ajílẹ̀. Mo ti parí sílàìdì ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti bọ́ sí ti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ni ìṣirò kan bá kọ̀, kò jáde.

Sílàìdì 9 ti ọ̀sẹ̀ kẹta sọ pé àpò NPK 15-15-15 tó wọn kílò 50 ní náítírójìn kílò 7.5 nínú, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kílò 7.5, àti pọ̀tásíọ́mù kílò 7.5. Èyí kò ta kókó: bí a bá mú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lára 50, 7.5 ni. Àmọ́ sílàìdì 21 ti ọ̀sẹ̀ karùn-ún sọ pé bí àgbàdò orí hẹ́kítà kan bá nílò fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kílò 26, àpò 8 ajílẹ̀ yìí kan náà ni àgbẹ̀ yóò lò. Mo fi 7.5 pín 26, ó fún mi ní nǹkan bí 3.5. Mo tún un pín, ibẹ̀ náà ló dúró sí. Àpò mẹ́ta ààbọ̀ àti àpò mẹ́jọ kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá. Àgbẹ̀ tó bá tẹ̀ lé ọ̀kan nínú ẹ̀ yóò pàdánù: bóyá owó rẹ̀ lọ sórí àpò mẹ́rin ààbọ̀ tí kò nílò, bóyá kí ebi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa pa àgbàdò rẹ̀, kí ewé rẹ̀ máa pọ́n bí elése àlùkò nígbà tó ṣì wà ní kékeré.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe olùkọ́. Fáìlì tó wà lọ́wọ́ mi, olórí kíláàsì wa ló fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ó sì lè jẹ́ ti ọdún tó kọjá. Mo lọ sí ojú ìwé tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ kíláàsì sí, mo wa tuntun sílẹ̀. Bákan náà ni wọ́n rí.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan fẹ́ tàn mí jẹ. Hẹ́kítà kan jẹ́ éékà 2.47. Mo rò pé ó lè jẹ́ pé éékà ni ọ̀kan nínú àwọn sílàìdì náà ní lọ́kàn. Mo fi 2.47 lu 3.47, ó di 8.57. Inú mi dùn, mo ní mo ti rí i, mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ímeèlì nípa éékà. Ṣùgbọ́n 8.57 kì í ṣe 8. Ẹni tó bá fẹ́ pa á pọ̀ yóò pè é ní mẹ́jọ ààbọ̀ tàbí mẹ́sàn-án. Mo padà lọ ka sílàìdì 21 lẹ́ẹ̀kan sí i, hẹ́kítà ni wọ́n kọ síbẹ̀ gbangba. Mo pa gbogbo ohun tí mo kọ rẹ́. Ká ní mo ti fi í ránṣẹ́ ni, olùkọ́ ì bá kàn dá mi lóhùn pé hẹ́kítà ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì parí síbẹ̀ láìjẹ́ pé ìbéèrè mi gangan jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, mo lọ sí ọjà Láfẹ́nwá. Ìyá kan tó ń ta ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò gbà mí láyè kí n ka ẹ̀yìn àpò. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò tíì fẹ́ ra nǹkan, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni mo fẹ́ rí." Wọ́n ní kí n máa wò ó, kò sẹ́ni tó ń gbowó ojú. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sára àpò:

```
N     15%
P2O5  15%
K2O   15%
```

Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti mọ́ bá mi. Nọ́ńbà àárín tó wà lára àpò kì í ka fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nìkan. Ó ń ka fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti ọ́síjìn tí wọ́n fojú inú so mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ P2O5 gan-an nínú àpò náà. Àṣà àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì àtijọ́ ni, àwọn tó máa ń sun nǹkan di eérú kí wọ́n tó wọn ohun tó wà nínú rẹ̀, àṣà náà ló sì wà lára àpò títí dòní.

Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́bàá ọ̀nà, lórí fóònù. Ìwọ̀n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì jẹ́ 31, ti ọ́síjìn jẹ́ 16. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì méjì àti ọ́síjìn márùn-ún jẹ́ 62 àti 80, àpapọ̀ 142. Nítorí náà, nínú gbogbo kílò kan P2O5, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gidi jẹ́ 62 lórí 142, ìyẹn nǹkan bí 0.44. Kílò 7.5 tó wà nínú àpò wá di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kílò 3.3 péré. Mo fi 3.3 pín 26: 7.9. Àpò mẹ́jọ nìyẹn.

A jẹ́ pé ọ̀nà tí sílàìdì 21 gbà ṣírò rẹ̀ ti hàn sí mi. Ohun tí kò yé mi ni èyí tí wọn yóò fẹ́ nínú ìdánwò. Bí ìbéèrè bá ní "P", ṣé bí sílàìdì 9 ṣe lò ó ni kí n lò ó, àbí bí sílàìdì 21 ṣe lò ó? Kò sí ẹni tó lè dáhùn ìyẹn ju olùkọ́ lọ. Ohun tí mo máa kọ ímeèlì lé lórí gan-an nìyí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ kò dára. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé: "Mà, sílàìdì 9 yín kò tọ̀nà." Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé lókè wa, tó ti jáde ní ẹ̀ka wa, bá mi kà á. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ìwọ lo kọ́ wọn ni? O ò tíì bi wọ́n léèrè, o ti dá ẹjọ́." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn tó kọ sílàìdì lè ní ìdí kan tí mi ò mọ̀. Mo kọ òmíràn, èyí náà sì tún gba ibòmíràn bàjẹ́: ìkíni àti ẹ̀bẹ̀ kún ìlà mẹ́wàá, mo ń ní "ẹ má bínú" níbi tí kò sẹ́ni tó bínú, ìbéèrè wá sápamọ́ sísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tó ní ọmọ kíláàsì tó tó igba kò ní kà á débẹ̀.

Èyí tó jáde nígbẹ̀yìn nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́. Mo ń tú u síbí. Àkòrí rẹ̀ ni: "Ìbéèrè lórí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú NPK: sílàìdì 9 (ọ̀sẹ̀ 3) àti sílàìdì 21 (ọ̀sẹ̀ 5)".

"Ẹ káàárọ̀ mà.

Ọmọ kíláàsì yín ti ọdún kejì ni mí. Mo ń ka iṣẹ́ lórí ajílẹ̀, ibì kan sì wà tí kò yé mi.

Sílàìdì 9 ti ọ̀sẹ̀ kẹta, tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ 'Ohun tó wà nínú àpò kan', sọ pé àpò kílò 50 ti NPK 15-15-15 ní P kílò 7.5. Sílàìdì 21 ti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, 'Àpò mélòó fún hẹ́kítà kan', sọ pé P kílò 26 gba àpò 8. Nígbà tí mo lo 7.5, àpò 3.5 ni mo rí. Nígbà tí mo ka 7.5 náà sí P2O5, tí mo sì yí i padà sí P (3.3), àpò 8 ni mo rí.

Ó ṣeé ṣe kí n ti ṣi nǹkan kan lóye. Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí a bá rí 'P' nínú ìbéèrè ìdánwò, ṣé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nìkan ni kí a kà á sí, àbí P2O5?

Mo so àwòrán sílàìdì méjèèjì mọ́ ọn. Ẹ ṣeun mà."

Orúkọ mi àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi ló tẹ̀ lé e. Àkọlé sílàìdì tí mo kọ sí i kì í ṣe àṣejù. Nínú ìwé tí a tẹ̀ fún wa, sílàìdì méjì ló wà lójú ewé kan, nọ́ńbà ojú ewé kò sì bá nọ́ńbà sílàìdì mu. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà nìkan lè rán olùkọ́ lọ síbòmíràn. Mo sì fi ìbéèrè náà ṣe irú èyí tí wọ́n lè fi ìlà kan dáhùn lórí fóònù.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fi ránṣẹ́, láti ímeèlì tí ilé ẹ̀kọ́ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbé ọ̀rọ̀ náà sí Wasáàpù kíláàsì kí gbogbo èèyàn lè rí i. Mo kọ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá kọ́kọ́ rí i, ọ̀rọ̀ á di pé olùkọ́ ṣàṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ni mo ní. Ọjọ́rú kọjá, Ọjọ́bọ̀ kọjá, mi ò rán òmíràn. Mo ti fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì sọ́kàn pé bí èsì kò bá dé, n óò fèsì lábẹ́ ímeèlì kan náà, kì í ṣe pé kí n bẹ̀rẹ̀ tuntun.

Èsì dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. "O ṣeun, ọmọ mi. O ò ṣi nǹkan kankan lóye. P2O5 ló yẹ kó wà lórí sílàìdì 9, mo gé e kúrú kí tábìlì náà lè gbà á, mi ò sì kíyè sí ohun tó ń dá sílẹ̀. Nínú ìdánwò, P ni P, P2O5 ni P2O5. Máa yẹ pọ̀tásíọ́mù wò fún ara rẹ."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ ọjọ́ náà. Pọ̀tásíọ́mù méjì jẹ́ 78, ọ́síjìn kan jẹ́ 16, àpapọ̀ 94. 78 lórí 94 jẹ́ 0.83, kílò 7.5 sì di 6.2. Náítírójìn nìkan ni 7.5 rẹ̀ dúró bó ṣe wà, torí pé òun ni wọ́n ń kọ sára àpò láìfi ọ́síjìn kún un. Lọ́jọ́ Ajé, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, fáìlì ọ̀sẹ̀ kẹta ti yí padà. P2O5 àti K2O ló wà lórí sílàìdì 9, ìlà kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ tó fi ìyípadà méjèèjì hàn: 0.44 àti 0.83.