Ẹ̀rí ìndọ́kíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dípò 5: máàkì mélòó ló tọ́ sí i?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bá ọ̀gá wa máàkì ìdánwò àwọn ọmọ ọdún kejì. Wọ́n ní kí wọ́n fi ìndọ́kíṣọ̀n fi hàn pé 2ⁿ > n² fún gbogbo odidi nọ́ńbà n láti 5 lọ sókè. Máàkì 10 ni: ìpìlẹ̀ 2, àbá 2, ìgbésẹ̀ láti k sí k + 1 gba 5, ìparí 1. Ọmọ kan fi n = 1 ṣe ìpìlẹ̀, ó kọ ọ́ pé 2 > 1, òótọ́ sì ni. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ dà bí èyí tó dára. Ṣé 2 péré ni kí n yọ, àbí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: Wá ibi tó ti sọ iye tí k lè jẹ́ ná, torí ibẹ̀ ni máàkì náà wà. Bó bá kọ k ≥ 5, 8 ni mo máa fún un. Bó bá kọ k ≥ 1, 6 ni.

Jókòó kó o ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ. Ní 1, 2 ju 1 lọ. Ní 2, 4 àti 4 ṣe ọgbọọgba, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 3, 8 kò tó 9. Ní 4, 16 àti 16 tún ṣe ọgbọọgba. Ìgbà tó di 5 ni 32 ṣẹ̀ṣẹ̀ ju 25 lọ, kò sì tún sí ibi tó ti fà sẹ́yìn mọ́. Nítorí náà, òótọ́ tí ọmọ yìí rí ní 1 kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Wo ó bí àkàbà: orí igi kìíní ló dúró sí, igi kejì, ìkẹta àti ìkẹrin sì ti ṣẹ́. Bó ti wù kí òkè àkàbà náà le tó, kò lè ti ibẹ̀ dé e. Má ṣe ṣàánú rẹ̀ pẹ̀lú 1 nínú 2 tí ìpìlẹ̀ ní, torí pé 2 > 1 tọ́. Kì í ṣe ohun tí wọ́n bi í nìyẹn. Òfo ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ wá ńkọ́? Ó gbà pé 2ᵏ > k². Ó fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì rí i pé 2ᵏ⁺¹ = 2·2ᵏ > 2k². Ó kù kó fi hàn pé 2k² kò dín sí (k + 1)². Bó o bá yọ (k + 1)² kúrò nínú 2k², k² − 2k − 1 ló máa ṣẹ́kù, ìyẹn (k − 1)² − 2. Bí k bá jẹ́ 1, ó di −2. Bó bá jẹ́ 2, ó di −1. Bó bá jẹ́ 3, ó di 2, láti ibẹ̀ lọ ó ń pọ̀ sí i ni. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ láti k = 3, kò ṣiṣẹ́ ní 1 àti 2. Ọmọ tó kọ k ≥ 5 kò parọ́ kankan nínú ìgbésẹ̀ rẹ̀, fún un ní 5 tirẹ̀ pé. Èyí tó kọ k ≥ 1 ti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ ní ibi méjì, ibi tó sì ń fẹsẹ̀ gbà kọjá gan-an ni wọ́n. Yọ 2 nínú 5 rẹ̀. Fún àwọn méjèèjì ní máàkì 1 ti ìparí bí wọ́n bá so ìpìlẹ̀ àti ìgbésẹ̀ pọ̀. Àṣìṣe ìpìlẹ̀ ti jẹ owó tirẹ̀, má tún gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tí kò kọ nǹkan kan nípa k ló máa pọ̀ jù lọ. Fún irú wọn, wo ìlà tó ti sọ pé 2k² ≥ (k + 1)². Bí kò bá sí ìdí kankan níbẹ̀, tó kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé gbogbo ayé mọ̀, yọ 1.

Èmi náà ti ṣi èyí ṣe rí, lódì kejì. Ọmọ kan fi n = 5 ṣe ìpìlẹ̀, ó wá kọ k ≥ 3 nínú ìgbésẹ̀. Mo fi bírò pupa fagi lé e, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ ní 3. Ó gbé ìwé náà wá bá mi, ó rọra ṣàlàyé pé òun kò sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀ ní 3, ohun tóun sọ ni pé *bó bá* rí bẹ́ẹ̀ ní 3, á rí bẹ́ẹ̀ ní 4. Òótọ́ ló sọ. Mo dá máàkì rẹ̀ padà.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun, sà. Òmíràn tún rèé. Ọwọ́ rẹ̀ burú débi pé mi ò mọ̀ bóyá 2ᵏ⁺¹ ló kọ tàbí 2ᵏ + 1. Ṣé kí n fún un láǹfààní?

Ìdáhùn: Ìlà tó tẹ̀ lé e ni kó o kà, má wo bí 1 náà ṣe ga tó. Bí ìlà yẹn bá jẹ́ 2·2ᵏ, 2ᵏ⁺¹ ló ní lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ti parí, má yọ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé ó fi 1 kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó kọ 2ᵏ + 1 > k² + 1, tó wá ní "nítorí náà ó rí bẹ́ẹ̀ fún k + 1", a jẹ́ pé ọwọ́ kọ́ ló burú, kò mọ ohun tó ń wá ni. Ohun tó yẹ kó dé ni (k + 1)², ìyẹn k² + 2k + 1, kì í sì í ṣe k² + 1. Nínú 5 ti ìgbésẹ̀, mi ò lè fún un ju 1 lọ, nítorí pé ó kúkú lo àbá rẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ kí wọ́n parí sí. Wọ́n kọ 2ᵏ⁺¹ > (k + 1)² sókè, wọ́n wá ń tú u títí wọ́n fi dé k² − 2k − 1 > 0, wọ́n ní "òótọ́ ni", wọ́n sì fà ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ní kí n fún wọn ní òfo. Ó ń ṣe mí bíi pé ó ti le jù.

Ìdáhùn: Èmi kò bá ọ̀gá rẹ jiyàn, àmọ́ o lè fi ohun kan hàn án. Ìdí tí wọ́n fi ń bínú sí irú iṣẹ́ yìí ni pé irọ́ náà lè bí òótọ́. Bí mo bá ní −1 = 1, tí mo fi ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 1 = 1 ni mo máa rí. Pé mo dé ibi tó tọ́ kò sọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ di òótọ́.

Síbẹ̀, ẹ̀rí tí wọ́n kọ sílẹ̀ lódì lè jẹ́ ẹ̀rí tó yè kooro bí a bá kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bó o ṣe máa dán an wò nìyẹn: fi ìka rẹ sí ìlà tó kẹ́yìn, kó o máa gòkè, kó o sì máa bi ara rẹ ní ìlà kọ̀ọ̀kan pé, "ṣé èyí mú èyí tó wà lókè rẹ̀ wá?" Ká ṣe é fún ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ìlà rẹ̀ mẹ́rin nìyí, bí ọmọ náà ṣe kọ wọ́n:

```
2ᵏ⁺¹ > (k + 1)²
2·2ᵏ > k² + 2k + 1
2k² > k² + 2k + 1
k² − 2k − 1 > 0
```

Láti ìlà kẹrin sí ìkẹta, ìṣírò lásán ni, kò sí wàhálà. Láti ìkẹta sí ìkejì ni ẹran wà: 2k² ju k² + 2k + 1 lọ, àbá sì ti sọ fún wa pé 2·2ᵏ ju 2k² lọ, nítorí náà 2·2ᵏ náà jù ú lọ. Ó gòkè. Láti ìkejì sí èkíní, ohun kan náà ni wọ́n. Nígbà tí k bá jẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà tó kẹ́yìn sì jẹ́ òótọ́.

Tún wá wo ọ̀nà tí òun gbà á, láti òkè wá sísàlẹ̀. Láti ìlà kejì sí ìkẹta, ó mú 2·2ᵏ kúrò, ó fi 2k² tó kéré jù ú lọ rọ́pò. Nǹkan tó ju òmíràn lọ, bí a bá fi èyí tó kéré rọ́pò rẹ̀, kò dandan kó ṣì jù ú. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ lọ sókè tọ́, òkè wá sísàlẹ̀ kò tọ́. Ọmọ náà rí gbogbo ohun èlò, ó kàn tò wọ́n sódì. 3 nínú 5 ni mo máa fún un, màá sì kọ "ka èyí padà láti ìsàlẹ̀" sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá fi ọ̀rọ̀ bíi "ó tó kí a fi hàn pé" sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, kò sí àṣìṣe rárá, 5 ni. Èyí tí kò lè gòkè padà rárá, ìyẹn ni kó o fi òfo ọ̀gá fún.

Ìbéèrè: Ọ̀kan kọ àbá rẹ̀ báyìí: "Ká gbà pé 2ᵏ > k² fún gbogbo k ≥ 5." Ìyókù dára.

Ìdáhùn: Ohun tí wọ́n ní kó fi hàn ló gbà sílẹ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ òótọ́ fún gbogbo k, kí ló tún kù tó ń wá? Àmọ́ wo bó ṣe lò ó: bí ìgbésẹ̀ rẹ̀ bá mú k kan ṣoṣo, tó sì dé k + 1, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló ṣì, èrò rẹ̀ kò ṣì. Yọ 1 nínú 2 ti àbá. "Fún k kan tó jẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ" ló yẹ kó kọ.

Ìbéèrè: Èyí tó kẹ́yìn, sà. Ẹnì kan kò fi 2 sọ nǹkan kan di púpọ̀. Ó fi 2k + 1 kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àbá: 2ᵏ + 2k + 1 > (k + 1)². Ó wá ní nítorí pé 2ᵏ > 2k + 1, 2ᵏ⁺¹ jù ú lọ. Kò sí i nínú gáìdì.

Ìdáhùn: Ọ̀nà tó dára ni, mo tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju ti gáìdì lọ. 2ᵏ⁺¹ jẹ́ 2ᵏ + 2ᵏ. Bí 2ᵏ kejì bá ju 2k + 1 lọ, gbogbo rẹ̀ ju 2ᵏ + 2k + 1 lọ, a sì ti dé. Ohun kan ṣoṣo tí wàá wá ni ìdí tí 2ᵏ fi ju 2k + 1 lọ. Ó rọrùn: àbá ní 2ᵏ > k², k² sì jẹ́ k·k, tí kò dín sí 5k nígbà tí k bá ti tó 5, 5k sì ju 2k + 1 lọ. Bó bá kọ ìyẹn, tàbí ohunkóhun tó jọ ọ́, 5 pé. Bó bá kàn sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀, 4.