Bí mo ṣe tún ímeèlì tí a fi sọ pé iṣẹ́ máa pẹ́ kọ

Irin 16 mílímítà tí a fẹ́ fi ṣe dẹ́kìn ilé tí à ń kọ́ l'Ákùúrẹ́ pẹ́ ọjọ́ 9. Ímeèlì tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ilé náà kò ju "ẹ ní sùúrù, irin ò tíì dé" lọ. Fóònù ò sinmi. Ọjọ́ tí a máa da dẹ́kìn náà ni gbogbo wọn ń bi mí.

Mo tún un kọ, ọjọ́ tuntun ló ṣíwájú: "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ọjọ́ 23 la máa da kọnkéré dẹ́kìn, kì í ṣe ọjọ́ 14 mọ́." Ìdí rẹ̀ tẹ̀lé e: a ò lè da kọnkéré láìtíì di irin. Mo ní àwọn bíríkìlà ti bọ́ sídìí fẹ́ǹsì, kí ọjọ́ wọn má bàa ṣòfò.

Àmọ́ o, mi ò kọ ọjọ́ kankan síbẹ̀ títí mo fi rí i pé wọ́n ti kó irin náà sínú ọkọ̀. Ìpè kan ṣoṣo ló wọlé lẹ́yìn ìyẹn.