Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà bí wọ́n bá ń fa cos 3θ yọ láti inú z³

Jẹ́ kí z = cos θ + i sin θ. Orí òbírípo tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1 ni z wà. Nítorí náà, bí a bá fi z sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí ó fi di z³, gígùn rẹ̀ kò ní yí padà. Áńgù rẹ̀ nìkan ni yóò di ìlọ́po mẹ́ta. Òfin tí a fi orúkọ Abraham de Moivre pè nìyẹn: z³ = cos 3θ + i sin 3θ.

Má ṣe torí èyí kọ z³ = cos³θ + i sin³θ. Bráákẹ́ẹ̀tì ni kí o tú. Ẹ jẹ́ ká pe cos θ ní c, ká pe sin θ ní s:

(c + is)³ = c³ + 3c²(is) + 3c(is)² + (is)³

Ìhín gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi agbára náà sórí s, tí wọ́n á gbàgbé i tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n i² = −1, i³ = −i. Torí náà, èyí tí kò ní i fún wa ní cos 3θ = c³ − 3cs²; èyí tó ní i fún wa ní sin 3θ = 3c²s − s³. Má gbé i fúnra rẹ̀ wọ inú sin 3θ o, nọ́ńbà gidi ni sáìnì. Bí a bá fi 1 − c² rọ́pò s², cos 3θ di 4c³ − 3c.

Má fi θ = 0 yẹ iṣẹ́ rẹ wò. Ní ibẹ̀ s = 0, gbogbo ohun tó ní s ló ń pòórá, àṣìṣe náà á sì bá a lọ. Ẹni tó kọ c³ + 3cs² á rí 1, ẹni tó gbàgbé 3 tó kọ c³ − cs² á rí 1, inú àwọn méjèèjì á dùn. Lo 60 dígírì: cos 180° jẹ́ −1. Ti àkọ́kọ́ á fún ọ ní 1.25, bẹ́ẹ̀ kosáìnì kankan kì í ju 1 lọ. Ti èkejì á fún ọ ní −0.25. Fọ́múlà tó tọ́ á fún ọ ní 0.5 − 1.5, ìyẹn −1.

Tó bá kan sin 4θ, ìṣòro mìíràn wà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe pàápàá ń kó sí. Ó jáde bíi 4c³s − 4cs³, ìyẹn 4sc(1 − 2s²). c kan ṣẹ́ kù tí kò ní èkejì, torí náà kò ṣeé sọ di s nìkan. Má fi √(1 − s²) rọ́pò rẹ̀ lásán. Ní 120 dígírì c jẹ́ −0.5, ṣùgbọ́n √ á fún ọ ní 0.5. Ìdáhùn rẹ á wá di −√3/2, nígbà tí sin 480° jẹ́ √3/2.