Ẹ má kọ “orífífọ́” nìkan: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú fọ́ọ̀mù àwòrán orí

Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè sítì-sikáànù orí, ọ̀rọ̀ kan péré ló máa ń wà níbẹ̀: “Orífífọ́.” Ẹni tó kọ ọ́ ti fojú ara rẹ̀ rí aláìsàn. Dókítà tó máa ka àwòrán kò rí i, ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù nìkan ló mọ̀. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé fọ́ọ̀mù yìí ni wọ́n fi ń pinnu bí wọ́n ṣe máa ya àwòrán: bóyá wọ́n máa fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ kọ́ńtíráàsì tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ yọ funfun, àti bó ṣe yẹ kí ẹ̀rọ dúró pẹ́ tó lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin ẹni ọdún 29 kan tó bímọ ní ọjọ́ 10 sẹ́yìn. Orí ti ń fọ́ ọ láti ọjọ́ 4, ó ń le sí i, ó sì máa ń burú tó bá dùbúlẹ̀. Ó ń bì. Láàárọ̀ òní gìrì mú un, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì lágbára mọ́ lẹ́yìn náà. Dókítà kọ “Sítì orí. Orífífọ́,” wọ́n sì ya á láìsí kọ́ńtíráàsì. Èsì sọ pé kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ, kò sì sí kókó.

Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ìbéèrè tó yẹ ni ẹnikẹ́ni kò béèrè. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ máa ń tètè dì, ó sì lè dì sínú àwọn iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò nínú ọpọlọ. Àwòrán tí kò ní kọ́ńtíráàsì lè má fi í hàn rárá. Tí wọ́n bá mọ̀ pé òun ni à ń wá, wọ́n á fún un ní kọ́ńtíráàsì, wọ́n á sì dúró kó fi dé inú àwọn iṣan yìí, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 45. Nígbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan tó wà láàárín àtàrí lè yọ bí igun mẹ́ta dúdú tí etí rẹ̀ funfun yí ká. Ẹ wo bí fọ́ọ̀mù náà ìbá ti rí:

“Obìnrin, ọdún 29, ó bímọ ní ọjọ́ 10 sẹ́yìn, wọn kò fún un ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Orífífọ́ láti ọjọ́ 4, ó ń le sí i, ó ń burú tó bá dùbúlẹ̀, ó ń bì. Gìrì lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ òní. Ọwọ́ òsì rọ. Ìfúnpá 128/80. Ṣé ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ọpọlọ?”

Kò ju ìlà díẹ̀ lọ, àmọ́ kò sí èyí tí kò wúlò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tó bá dìde ni orí ń fọ́ ọ, tí wọ́n sì ti gún un ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn nígbà ìrọbí, omi tó ń jò láti ọ̀pá ẹ̀yìn la ó kọ́kọ́ fura sí. Tí ìfúnpá bá ga gan-an, ọ̀nà mìíràn tún nìyẹn. Ọwọ́ òsì tó rọ á jẹ́ kí òǹkàwé àwòrán tún apá ọ̀tún ọpọlọ wò dáadáa, níbi tí ìwúlé kékeré lè fara pamọ́ sí.

Àwọn mìíràn kì í kọ ohun tí wọ́n rí, orúkọ àrùn nìkan ni wọ́n ń kọ: “Ṣé rọpárọsẹ̀ ni?” Apá wo? Láti aago mélòó? Tí àwòrán kò bá fi rọpárọsẹ̀ hàn, òǹkàwé kò ní mọ ohun mìíràn tó yẹ kó wá. Ẹ kọ àmì àìsàn ṣáájú, kí ìfura yín tẹ̀ lé e.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àsọdùn. Nítorí kí wọ́n lè tètè ya aláìsàn, ẹnì kan á kọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, nígbà tí kò rọ. Àpá àtijọ́ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn òní lè wá di ohun tí wọ́n dá lẹ́bi nínú èsì. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ kọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì pe yàrá àwòrán.

Ẹ má gbàgbé láti kọ ọ́ bí kọ́ńtíráàsì bá ti yọ aláìsàn lẹ́nu rí, bí kíndìnrín rẹ̀ kò bá dáa, tàbí bó bá ní jẹjẹrẹ tàbí iṣẹ́ abẹ orí rí. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè bá yín lórí rẹ̀ síbẹ̀. Tí ara aláìsàn bá sì yí padà lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù ti lọ, ẹ pè kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ, torí fọ́ọ̀mù àárọ̀ ni wọ́n ṣì máa tẹ̀ lé.