Bí a ṣe ń mú hẹ́dífóònù tàbí sípíkà tó máa bá kọ̀ǹpútà ẹni mu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra hẹ́dífóònù tó dáa fún kọ̀ǹpútà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó, ẹ kọ́kọ́ yí páálí ẹ̀ sẹ́yìn kẹ́ ẹ wá àmì yìí: Ω. Óòmù là ń pè é. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ihò tó wà lára kọ̀ǹpútà yín á lè gbé e dáadáa àbí ohùn kékeré láá máa jáde, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ẹ kọ́kọ́ wo ihò

Ihò róbótó tá a máa ń ki jáàkì bọ̀, míìlìmítà 3.5 ni. Lára kọ̀ǹpútà ńlá tó ń jókòó sórí tábìlì, ihò yìí máa ń ju ẹyọ kan lọ, aláwọ̀ ewé lohùn ti ń jáde, aláwọ̀ píǹkì sì ni ti máìkì. Lápútọ́ọ̀pù ayé ìsinsìnyí, ihò kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní fún méjèèjì.

Ẹ wá wo ẹnu jáàkì hẹ́dífóònù náà, ẹ ka òrùka dúdú tó wà lára irin ẹ̀. Tó bá jẹ́ méjì, ohùn nìkan ló ń gbé, apá òsì àti apá ọ̀tún. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, ó ní máìkì. Tẹ́ ẹ bá wá ki olórùka mẹ́ta yìí bọ ihò aláwọ̀ ewé, ẹ máa gbọ́ orin àmọ́ máìkì ò ní ṣiṣẹ́, ẹ máa nílò okùn kékeré tó ń pín in sí ẹnu méjì, ọ̀kan fún ihò ewé, ọ̀kan fún píǹkì, kò wọ́n rárá.

Nǹkan kan wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú níbí: orin ń lọ, ìlù ń dún, àmọ́ ohùn akọrin ò sí ńbẹ̀, tàbí kó máa dún bíi pé ó wà lọ́nà jíjìn. Hẹ́dífóònù ò tíì bàjẹ́ o. Wáyà tó ń dá iná padà, tí òsì àti ọ̀tún jọ ń lò, ni ò kan irin dáadáa, ohun tó bá jọra nínú òsì àti ọ̀tún á wá pa ara ẹ̀ rẹ́, ohùn akọrin sì máa ń wà láàárín gangan. Ẹ tì í wọlé dópin, tàbí kẹ́ ẹ wò bóyá ìdọ̀tí ti di inú ihò. Tó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀rọ míì, okùn ẹ̀ ló ti já nínú.

Óòmù wá ńkọ́?

Óòmù ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó fẹ́ gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ ká mú hẹ́dífóònù kan tí àwọn tó ń ṣe orin mọ̀ dáadáa, DT 770 Pro, tí ilé iṣẹ́ Beyerdynamic ní Jámánì ń ṣe. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe lórúkọ kan náà: 32, 80 àti 250. Ẹni tí ò bá mọ̀ lè rò pé torí 250 ló ga jù, òun ló dáa jù, ó sì lè rà á fún lápútọ́ọ̀pù ẹ̀ lásán, kó wá máa yí fọ́lúùmù dé òkè pátápátá kó sì máa kùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Fóòtù, ìyẹn V, ni ìwọ̀n agbára tó ń ti iná jáde. Ká ní lápútọ́ọ̀pù náà lè ti fóòtù 1 jáde láti ihò ẹ̀, ọ̀pọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóòtù la máa sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀, ká wá fi óòmù, ìyẹn R, pín in, ohun tó bá jáde ni agbára tó dé hẹ́dífóònù, ní wáàtì:

```
P = V × V ÷ R
1 × 1 ÷ 250 = 0.004 W
1 × 1 ÷ 32  = 0.031 W
```

Ìyẹn ni pé mìlíwáàtì 4 péré ló dé ọ̀dọ̀ oníóòmù 250, nígbà tí onítí 32 rí bíi 31. Dẹ́síbẹ̀lì la fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó. Mìlíwáàtì 1 máa ń jẹ́ kí hẹ́dífóònù yìí dún dé dẹ́síbẹ̀lì 96, tí agbára bá sì ti di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì 3 ló ń fi kún un. Nítorí náà 250 á dé bíi 102, 32 á dé bíi 111. Ẹ lè ní 102 náà ti pọ̀ jù fún etí, òótọ́ ni, àmọ́ ibi tí orin bá ti ta sókè jù lọ nìyẹn, ìyókù orin máa ń wà nísàlẹ̀ ẹ̀ dáadáa, tó bá wá jẹ́ fíìmù tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ẹ máa ṣàárò dẹ́síbẹ̀lì 9 yẹn. Lápútọ́ọ̀pù tí ò lè ti ju ìdajì fóòtù lọ, 96 ni onítí 250 máa parí sí lára ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló rí bẹ́ẹ̀ o. MacBook Pro tó jáde ní 2021, oní-ínǹṣì 14 àti 16, máa ń wọn óòmù hẹ́dífóònù fúnra ẹ̀, tó bá rí i pé ó tó 150 sókè, ó máa ti fóòtù 3 jáde, onítí 250 á sì dún dáadáa lára ẹ̀.

Lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ lo lápútọ́ọ̀pù tàbí fóònù nìkan, kó mú 32, tó bá ga jù kó mú 80. Onítí 250, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní ámúpílífáyà.

Àmọ́ óòmù tó kéré jù náà ní tiẹ̀. Ihò kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ní óòmù, ó sì yẹ kí ti hẹ́dífóònù tó ìlọ́po mẹ́jọ ẹ̀. Tí ihò bá ní 10, tẹ́ ẹ wá fi íápíìsì onítí 16 sí i, béèsì lè máa wú tàbí kó rọ̀, orin kan náà á dún dáadáa lára fóònù kó wá yàtọ̀ lára kọ̀ǹpútà. Wọn kì í sábà kọ ti ihò sórí páálí, etí yín lẹ máa fi mọ̀ ọ́n, ẹ mú orin tẹ́ ẹ mọ̀ lámọ̀dunjú lọ dán an wò.

Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo, ẹ gba ọ̀nà díjítà

Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti ń mi máùsì, ẹ máa gbọ́ "siii" nínú hẹ́dífóònù. Iná inú kọ̀ǹpútà ló ń wọ inú ohùn, ríra hẹ́dífóònù míì ò sì lè wò ó sàn. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí ohùn jáde ní nọ́ńbà, kó má tíì di iná orin títí á fi kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń ki bọ USB máa ń ṣe é, òun ló máa sọ nọ́ńbà di ohùn, ámúpílífáyà kékeré sì wà nínú ẹ̀. Ẹ wo fóòtù tó lè tì jáde kẹ́ ẹ tó rà á, kẹ́ ẹ tún ìṣirò òkè yẹn ṣe.

Ihò kan tún wà tí iná pupa ń tàn nínú ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń gbé ohùn lọ, kò sí irin tó so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, torí náà ariwo iná ò lè gba ibẹ̀ kọjá. HDMI náà ń gbé ohùn, ibẹ̀ ló sì ti máa ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́: tẹ́ ẹ bá so tẹlifíṣọ̀n mọ́ kọ̀ǹpútà, Wíńdòòsì lè kó ohùn lọ síbẹ̀ láìbéèrè, sípíkà yín á dákẹ́ bíi pé ó ti kú. Ẹ lọ sí `Settings > System > Sound`, ẹ yan sípíkà yín padà lábẹ́ `Output`.

Sípíkà

Èyí tó ní okùn iná tiẹ̀ tàbí tó ń gba iná lára USB, ámúpílífáyà ti wà nínú ẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú nípa óòmù ẹ̀. Èyí tí wáyà méjì lásán yọ lẹ́yìn ẹ̀, tí wọ́n kọ 4 tàbí 8 sí lára, kò ṣeé so mọ́ kọ̀ǹpútà tààrà, ihò yẹn ò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, àfi kẹ́ ẹ ra ámúpílífáyà sí i. Tí wọ́n bá sì kọ ọ́ sára ámúpílífáyà pé 8 ló kéré jù, ẹ má fi onítí 4 sí i, iná tó máa gba inú ẹ̀ máa di ìlọ́po méjì, ó máa gbóná, ó sì lè jó.