Bí A Ṣe Ń To Iná Ojú Fèrèsé àti Kámẹ́rà Kí Ojú Wa Lè Hàn Kedere Nínú Ìpè Fídíò Ìrọ̀lẹ́

Ìpè fídíò tó máa ń dààmú èèyàn jù ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn kò tíì wọ̀, tó wá parí lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú. Níbẹ̀rẹ̀, ojú yín mọ́ rekete. Nígbà tó yá, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í rí wínníwínní bí ẹni fọ́n iyanrìn sí i, tí ẹ bá sì gbé ọwọ́, ọwọ́ náà á máa wọ́ tẹ̀lé ara rẹ̀. Kámẹ́rà kò bàjẹ́ o. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé sínú rẹ̀ ló dín kù. Ó wá ń dúró pẹ́ lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, débi pé dípò 30 àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó lè má ya ju 15 lọ. Tí ìyẹn náà kò bá tó, á fi ipá gbé ìwọ̀nba tó rí sókè, ohun tó ń fa wínníwínní yẹn nìyẹn.

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ to iná bíi pé òru ti dé, kí ẹ tó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé dá sí i. Ẹni tó bá fi fèrèsé ṣe ìpìlẹ̀ máa tún gbogbo rẹ̀ tò láàárín ìpè.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àga. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ gbé e sókè síwájú ojú yín, kí ẹ wá máa yí díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá, kí ẹ máa wo bí òjìji ṣe ń rìn lára ẹ̀ṣẹ́ náà. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí òjìji díẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibẹ̀ ni kí ẹ kọjú sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, fèrèsé á wà láàárín iwájú yín gan-an àti èjìká yín kan. Kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn yín. Kámẹ́rà máa ń wo ìmọ́lẹ̀ gbogbo àwòrán pọ̀ ni, fèrèsé tó mọ́ lẹ́yìn yín á sì jẹ́ kó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì sọ ojú yín di dúdú kirikiri.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fa kọ́tìnì dé pátápátá, bí ojú ọ̀run tiẹ̀ ṣì mọ́. Tí kọ́tìnì náà bá funfun, ó dára gan-an, torí á máa da ìmọ́lẹ̀ iná yín padà sínú yàrá, nígbà tó jẹ́ pé gíláàsì lásán á jẹ́ kó bá ìta lọ. Ẹ wá gbé iná orí tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn gan-an, kó ga ju ojú yín lọ díẹ̀, kó jìnnà sí yín tó bíi 70 sẹ̀ntímítà. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni mo wí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e sí òdìkejì, tí imú wọn á wá ní òjìji méjì. Tí iná bá wà níbi tí fèrèsé wà, bí tìta ṣe ń lọ ni tinú ilé á máa gba ipò rẹ̀, ẹni tó ń wò yín kò sì ní mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀.

Tí kò bá tíì mọ́ tó, ẹ má sáré wá gílóòbù tó lágbára jù. Ẹ sún iná náà mọ́ra ná. Iná tó wà ní mítà kan, tí ẹ bá fà á dé ìdajì mítà, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú yín á di ìlọ́po mẹ́rin. Àmọ́ tó bá sún mọ́ra jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á funfun, èkejì á ṣókùnkùn. Pépà funfun tí ẹ bá gbé ró ní òdìkejì tábìlì á tan díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn náà.

Ti àwọ̀ iná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run máa ń fà sí búlúù, gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè sì máa ń fà sí ọsàn, kámẹ́rà kò sì lè tẹ́ méjèèjì lọ́rùn. Ẹ wo ara páálí gílóòbù: 2700K ni ti ìyeyè, ẹ lo èyí tó wà láàárín 4000K sí 5000K.

Ó wá ku kámẹ́rà. Ẹ fi ìwé tàbí páálí gbé kọ̀ǹpútà sókè títí kámẹ́rà á fi bá ojú yín dọ́gba, kó jìnnà sí yín tó ìwọ̀n ọwọ́ tí ẹ nà síwájú. Kámẹ́rà tó wà nísàlẹ̀ á máa wo òkè àjà, tí gílóòbù òkè bá sì wọ inú àwòrán, ojú yín á tún ṣókùnkùn. Ẹ tiẹ̀ pa iná òkè orí yẹn, torí ó máa ń sọ àyíká ojú di kòtò.

Ohun kan wà tí ẹni tó dúdú gbọ́dọ̀ mọ̀, tí àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí kì í sábà sọ. Kámẹ́rà ń fẹ́ kí àwòrán wà ní àárín méjì, kó má funfun jù, kó má dúdú jù. Tí ògiri ẹ̀yìn yín bá funfun, tí iná sì ń bà á, kámẹ́rà á fa gbogbo àwòrán sílẹ̀ nítorí ògiri, ojú yín á sì bá a lọ. Kò sí iná tí ẹ fi kún un tó máa wúlò, bí ògiri náà bá ṣáà ń gbà nínú rẹ̀. Ẹ gbé àga kúrò lẹ́bàá ògiri, ó kéré tán mítà kan ààbọ̀, kí iná ti rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ẹ̀wù funfun náà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ míràn. Tí iwájú orí bá ń dán yanran, ẹ má dín iná kù. Ẹ yí i kọjú sí kọ́tìnì funfun yẹn, kí ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ fẹ̀, dídán náà á tàn ká, á sì máa fi bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe rí hàn.

Ẹni tó ń lo awò ojú kó ṣí kámẹ́rà, kó máa gbé iná lọ sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí àmì funfun náà á fi kúrò lójú gíláàsì. Tó bá jẹ́ ojú kọ̀ǹpútà ló ń tàn sí i, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù.

Tí ojú yín bá ti hàn dáadáa pẹ̀lú kọ́tìnì dídé, ẹ wá ṣí i, ẹ fi iná sílẹ̀ ní títàn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìpè. Bí ìtànṣán oòrùn bá ń wọlé tààrà, ẹ fa kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ẹ má tíì ti Exposure, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà sínú àwòrán, pa sójú kan nínú ètò kámẹ́rà, torí bí ìta bá ṣe ń ṣókùnkùn, ẹ̀yin náà á máa ṣókùnkùn lọ. Máa wo gíláàsì fèrèsé látìgbàdégbà. Tí ẹ bá ti rí àwòrán ara yín nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ inú ilé ti ju tìta lọ: ẹ fa kọ́tìnì dé nígbà yẹn, tó bá sì wù yín, ẹ lè wá yọ àmì Auto kúrò níwájú Exposure, kí àwòrán má máa mọ́, kó tún máa ṣú, nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí ojú-ewé funfun lórí kọ̀ǹpútà.