4,250 náírà tó sọnù nínú owó ọ̀sẹ̀ mi

24,750 náírà ni wọ́n kà lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń gbé wa lọ sí Sábó ni mo ti tún un kà, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Odogúnyàn, ní Ìkòròdú níbí, ni mo ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì yunifọ́ọ̀mù. 250 náírà ni owó ẹyọ kan. Àdéhùn wa ni pé ọjọ́ tí èèyàn bá ti wá síbi iṣẹ́, owó ọjọ́ yẹn ò gbọdọ̀ dín sí 4,000, ìbáà ṣe pé iná ò sí tàbí aṣọ ò dé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì lọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Lọ́jọ́rú, jẹnẹrétọ̀ kọṣẹ́, ẹyọ 6 péré ni mo rán. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn tó ń gé aṣọ jókòó títí oòrùn fi yẹ̀ lórí, mo bá 9 délé. Ọjọ́ mẹ́rin yòókù dáa: 22 lọ́jọ́ Ajé, 24 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 20 lọ́jọ́bọ̀, 18 lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó bo máṣíìnì mi lálaalẹ́. Wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìwé yẹn rí o.

Ọmọ mi bá mi gbé e sórí fóònù. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀, iye ẹyọ wà ní B, owó sì wà ní C, ó sì da ti C2 kọ títí dé C7:

```
C2: =MAX(B2*250,4000)
C8: =SUM(C2:C7)
```

Ọjọ́rú àti Ẹtì di 4,000 kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ wá jẹ́ 29,000. Akọ̀wé wa ò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ro gbogbo ẹyọ pọ̀, 99, ó fi 250 sọ ọ́ di 24,750, ó wá fi wé 4,000 lọ́nà mẹ́fà, ìyẹn 24,000. Ó ní mo ti kọjá rẹ̀, kò sí àfikún kankan. Òógùn tí mo là lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló fi ń san gbèsè jẹnẹrétọ̀ wọn!

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi òfin dẹ́rù bà wọ́n. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti 2019, tí wọ́n sọ iye rẹ̀ di 70,000 náírà ní 2024, yọ ẹni tí wọ́n ń fi iye ẹyọ sanwó fún sílẹ̀. Ìwé àdéhùn wa nìkan ló kù, “lójúmọ́” ló sì wà níbẹ̀, kì í ṣe “lọ́sẹ̀”. Mo gbé e fún máníjà, ó kà á, ó ní kí wọ́n tún un ṣe.

Akọ̀wé tún un ṣe, ó mú 28,000 wá.

Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá 1,000 yẹn. 99 ló wà nínú ìwé tèmi, 99 ló wà nínú tirẹ̀. “Ìyá Tóyìn, ẹ kúkú ti kà á fúnra yín, iye wa dọ́gba,” bẹ́ẹ̀ ló ń wí fún mi, tó ń rẹ́rìn-ín. Òun ni mo gbọ́, mo wá jókòó sídìí àròpọ̀. Ìgbà tí mo to ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ ni ojú mi là: 20 ló kọ fún Ìṣẹ́gun níbi tí mo kọ 24, ó wá kọ 10 fún Ọjọ́rú níbi tí mo kọ 6.

Ṣẹ́ẹ̀tì 4 ni wọ́n dá padà fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nítorí ihò bọ́tìnnì. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí jẹnẹrétọ̀ tó kú, mo tún wọn ṣe, akọ̀wé sì kọ wọ́n sí ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n wọlé. Bí Ọjọ́rú bá dáa, kò ní sí ìyàtọ̀ kankan, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi fura rí. Ṣùgbọ́n ẹyọ 10 jẹ́ 2,500 péré, kò tíì tó 4,000, owó Ọjọ́rú ò fi kọ́bọ̀ kan lé. Ìṣẹ́gun pàdánù 1,000, Ọjọ́rú gbé e mì káló.

Akọ̀wé ní ṣẹ́ẹ̀tì tí wọn ò tíì gbà kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ díẹ̀, n ò parọ́. Ká ní mo ti béèrè lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí ìwé pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń ka iṣẹ́ tí wọ́n bá dá padà sí, ì bá má dìjà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán lórí ẹyọ, ẹ kọ iye tí wọ́n dá padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ rán, ọjọ́ sí ọjọ́.

Wọ́n san 3,250 kún un. Láti Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀kì ni akọ̀wé fi ń kọ ọjọ́ tí a rán aṣọ sára ìdì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ti ọ̀sẹ̀ yẹn ti lọ, 1,000 mi ò sì tíì jáde dòní.